Inú rírun nǹkan oṣù: èwo ló jẹ́ tara, èwo ló yẹ kí dókítà wò?

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, òjò ti ń ṣú láti àárọ̀. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta oògùn nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà. Ọmọ náà wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó ká kò bí ẹni tí wọ́n gbá níkùn, ó sì fi ike nailọ́ọ̀nù kan sọ́wọ́ nítorí èébì.

Ìyá ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá nǹkan tó le fún un. Nǹkan oṣù ló dé. Láti aago mẹ́fà ló ti ń bì."

Kí n tó dáhùn, ìyá àgbà kan tó wá ra oògùn ibà ti dá sí i: "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Èmi náà jẹ irú ìyà yẹn nígbà èwe mi. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi ló bá tirẹ̀ lọ."

Ọmọge kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lórí fóònù. "Ẹ má bínú, mà. Mo kà á pé àrùn ni. Wọ́n ní kì í jẹ́ kéèyàn bímọ."

Ìyá ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹnì kan ní kó fi sílẹ̀, ẹnì kan ní ayé ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́, èmi tí wọ́n sì wá bá ò tíì sọ nǹkan kan. Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi lóṣooṣù. Àwọn méjèèjì tó dá sọ́rọ̀ náà ò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀: bí ó ṣe ń dùn tó. Bí ó ṣe ń dùn tó kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Inú rírun tí kò ní àrùn kankan lẹ́yìn lè da ọmọ dùbúlẹ̀, èyí tó ní àrùn lẹ́yìn sì lè bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye ọjọ́ tó ń lò, àti bó ṣe ṣe nígbà tí a fún un ní oògùn tó yẹ lọ́nà tó yẹ.

N ó máa pe ọmọ yìí ní Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Orúkọ méjì tí n ó máa lò

Inú rírun lásán ni n ó máa pe èyí tó wá láti ara iṣẹ́ tí ilé ọmọ tó pé, tó sì le, ń ṣe lóṣooṣù. "Lásán" yìí kò túmọ̀ sí pé kò dùn o. Ó túmọ̀ sí pé bí dókítà bá yẹ ikùn wò látòkè délẹ̀, kò ní rí ohun kan tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Inú rírun tó nídìí ni èkejì. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń fà á: ohun tó hù síbi tí kò yẹ, ọ̀nà tó dí, tàbí kòkòrò àrùn. Ìyẹn ni à ń fẹ́ kí dókítà wá rí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn nígbà tí nǹkan oṣù bá dé?

Ilé ọmọ kò tóbi, kò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ, iṣan ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀. Lóṣooṣù ló ń tẹ́ ibùsùn rírọ̀ kan sínú ara rẹ̀ de oyún. Bí oyún kò bá sí, ibùsùn náà á ya kúrò lára ògiri, á sì bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Òun ni nǹkan oṣù.

Nígbà tí ibùsùn yìí bá fẹ́ ya, ó máa ń tú kẹ́míkà kan sílẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní pirositagiláńdíìnì. Ẹ má da ara yín láàmú lórí orúkọ yẹn, n ò ní pè é mọ́. Iṣẹ́ kẹ́míkà yìí ni láti mú kí iṣan ilé ọmọ fún ara rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jáde. Bí kẹ́míkà náà bá mọ níwọ̀n, ọmọ á kàn mọ̀ ọ́n lára díẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ilé ọmọ á fún ara rẹ̀ pinpin débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ara iṣan náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi rọ́bà so orí ìka yín kan pinpin, kó tó ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó rí i pé á ṣú, á sì máa ro yín. Irú ìrora yẹn gan-an ni, inú ikùn ló kàn wà.

Díẹ̀ nínú kẹ́míkà náà máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ìfun, ìfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àbẹ̀kẹ́ fi ń bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ṣàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ti ń bá ẹ̀wà tí ọmọ jẹ lálẹ́ àná jà. Àwọn mìíràn á sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ló jẹ jù. Mo ti gbọ́ èyí títí ó fi sú mi. Ṣúgà kọ́ ló ń fún ilé ọmọ. Ọmọ tí kò fẹnu kan mínírà láti ọdún tó kọjá náà ń ká kò lójọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé.

Kí ló dé tí kò fi dùn ún lọ́dún àkọ́kọ́?

Ohun tó dẹ́rù ba ìyá Àbẹ̀kẹ́ jù nìyí. Ọmọ ọdún méjìlá ni Àbẹ̀kẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Ó lé ní ọdún kan tí kò fi sí wàhálà kankan. Afi bó ṣe di ọdún mẹ́tàlá ààbọ̀ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ìyá rẹ̀ ní, "Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a, kí ló dé tí kò fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹnì kan kò ṣe é ni?"

Ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Bí inú rírun lásán ṣe máa ń rìn gan-an nìyẹn. Nígbà tí nǹkan oṣù ọmọbìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa wá láìjẹ́ pé ẹyin jáde lóṣù náà. Ara ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ẹyin bá wá ń jáde déédéé ni ibùsùn ilé ọmọ ń kún fún kẹ́míkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń tó oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì lẹ́yìn àkọ́rí nǹkan oṣù kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, inú rírun tó dé lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀ kò yà mí lẹ́nu rárá.

Èyí tó ń mú mi fi kálámù sílẹ̀ kí n wo ojú ìyá ọmọ ni òdìkejì rẹ̀: ọmọ tí inú run gidigidi láti oṣù tó kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Ẹyin kò tíì máa jáde déédéé nígbà yẹn, kẹ́míkà náà kò sì tíì pọ̀, kí ló wá ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà kan dí nínú lọ́hùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ kò fi jáde tán. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, n kì í ta oògùn fún un kí n sì dákẹ́.

Báwo ni inú rírun lásán ṣe ń rìn?

Mo bi Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí àwọn ìyá máa ń dáhùn kí ọmọ tó la ẹnu. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ni inú ń bẹ̀rẹ̀ sí í run òun, nígbà mìíràn ó lè ṣáájú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú wákàtí díẹ̀. Abẹ́ ìdodo ló ti ń dùn ún, láàárín gan-an, a sì máa lọ sí ẹ̀yìn àti itan. Ọjọ́ kìíní ló burú jù. Ní ọjọ́ kejì, yóò ti rọjú díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń wá. Láti ìgbà yẹn títí di oṣù mìíràn, kò ní mọ̀ pé òun ní ikùn.

Bí ẹ bá gbọ́ irú ìtàn yìí, pé ó ń bá ẹ̀jẹ̀ dé, tí ó ń lọ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, tí ara ọmọ sì dá ṣáṣá láàárín oṣù sí oṣù, inú rírun lásán ló jọ jù. Dókítà kò nílò láti ṣe àyẹ̀wò kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún un.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti ń pa ilé ìwé jẹ ní ọjọ́ méjì lóṣooṣù. Ìyá àgbà olóògùn ibà yẹn sọ òótọ́ díẹ̀: inú rírun lásán sábà máa ń dínkù bí obìnrin bá ń dàgbà, ó sì máa ń dínkù fún ọ̀pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la sì ń bá wí yìí. Ta ló fẹ́ kó lọ bímọ báyìí nítorí inú rírun?

Ṣé oògùn ló kọ̀ ni, àbí bí a ṣe lò ó?

Ìyá rẹ̀ ní oògùn ò ràn án. Mo ní kó sọ bó ṣe lò ó fún mi. Parasitamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn tí ọmọ ti sunkún fún wákàtí mẹ́ta, tó sì bì í jáde. Wọ́n tún fún un ní àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Parasitamọ́ọ̀lù kì í ṣe oògùn búburú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ká kẹ́míkà yìí. Èyí tó ká a ni ìdílé oògùn tí ibuprofẹ́ẹ̀nì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi bá ṣí sílẹ̀ tí omi ń kún ilẹ̀ẹ́lẹ̀, èèyàn lè mú àkísà kó máa nù ún, ó sì lè lọ ti ẹnu ẹ̀rọ. Ibuprofẹ́ẹ̀nì ń ti ẹnu ẹ̀rọ: kì í jẹ́ kí ara ṣe kẹ́míkà náà. Kò sì lè kó èyí tí ara ti ṣe tẹ́lẹ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tí àkókò tí a lò ó fi ṣe kókó. Bí ẹ bá dúró títí ọmọ fi ká kò, omi ti kún yàrá.

Ohun tí mo kọ fún wọn nìyí. Àbẹ̀kẹ́ wọn kílò méjìdínláàádọ́ta, kò ní ọgbẹ́ inú, kò ní ikọ́ fée, kò sí ìṣòro kíndìnrín. Nítorí náà: ibuprofẹ́ẹ̀nì oní-200 mílígíráàmù, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kété tó bá mọ̀ ọ́n lára tàbí tó bá kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, kó má dúró de ìrora. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, hóró méjì mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ sí i, yálà inú ń run tàbí kò run, fún ọjọ́ méjì gbáko. Kí ó má ju hóró mẹ́fà lọ lọ́jọ́ kan, ìyẹn 1,200 mílígíráàmù. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí inú ṣì ń run, ó lè lò ó lọ́jọ́ yẹn náà, kó sì dá a dúró.

Ẹ má fi oògùn ìrora mìíràn láti ìdílé kan náà kún un, bíi dikilofẹ́nàákì tàbí pirọ́síkáàmù, nítorí inú ni wọn yóò jọ máa jẹ. Àgbo ọlọ́tìí pẹ̀lú wọn lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó ní ọgbẹ́ inú, tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ikọ́ fée rẹ̀ dìde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, kí dókítà kọ́kọ́ sọ èyí tó lè lò. Bí oyún bá sì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò kí ẹ tó fún un.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ bi mí bóyá lílò rẹ̀ lóṣooṣù kò ní "ti ilé ọmọ pa". Rárá. Ó ń kúrò lára láàárín ọjọ́ kan, ẹyin àti ilé ọmọ kò sì bàjẹ́ nítorí ọjọ́ méjì lóṣù.

Ooru náà ń ṣiṣẹ́, ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Omi gbígbóná nínú ike líle tó ní ìdérí dáadáa, kí wọ́n fi tówẹ̀lì wé e, kí ọmọ gbé e sí abẹ́ ìdodo. Omi tó ń hó kọ́ o. Mo ti rí àpá iná níkùn ọmọ kan rí.

Ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé, wọ́n fún un lọ́wọ́ ọ̀sán. Ní oṣù kejì, Àbẹ̀kẹ́ gbé oògùn àti búrẹ́dì sínú báàgì ìwé rẹ̀. Ó lò ó ní aago méje àárọ̀, ó lọ sílé ìwé, ó gbé orí lé tábìlì fún ìdajì wákàtí, ó sì parí kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kù.

Ìgbà tí oògùn tí a lò dáadáa bá kọ̀: ìwé Rónkẹ́

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Nígbà tó gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ti bọ́, ó mú ọmọ tirẹ̀, Rónkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wá bá mi. Mo fún un ní ìlànà kan náà, mo sì ní kó ra ìwé olójú-ewé ogójì, kó máa kọ ọ́ lójoojúmọ́: ṣé inú run, ṣé ẹ̀jẹ̀ wá, oògùn wo ló lò, aago mélòó.

Iléṣà ti mọ àǹfààní kíkọ nǹkan sílẹ̀ tipẹ́. Ọsibítù Wẹ́sílì Gíìdì níbí ni Dókítà Dáfídì Mọ́lì ti ṣiṣẹ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 síwájú, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń mú dání ti gbòde kan. Ọgbọ́n káàdì yẹn ni pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò sọ púpọ̀, ìlà tí àwọn ìwọ̀n tò fún ara wọn ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú rírun.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Rónkẹ́ gbé ìwé náà wá. Kálámù aláwọ̀ búlúù ló fi kọ ọ́, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ló fi pupa sàmì sí. Mo ṣí oṣù kẹta:

"Ọjọ́bọ̀: inú run. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹtì: inú run. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Àbámẹ́ta: mo lo oògùn ní aago mẹ́jọ, kò lọ. Àìkú: inú run, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ajé: ẹ̀jẹ̀ dé. Mo lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ó dùn mí bí ẹni fi ọ̀bẹ gún mi, mo sunkún ní sálàńgá."

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹ fi wé ti Àbẹ̀kẹ́. Inú rírun Rónkẹ́ kò dúró de ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣáájú. Kò sì bá ọjọ́ kejì lọ. Bí mo ṣe ń ṣí ìwé láti oṣù kìíní dé ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí inú fi ń run ń pọ̀ sí i. Ó ń dùn ún nígbà tó bá ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Oògùn tó tó, tó sì lò lásìkò fún oṣù mẹ́ta, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá irú rẹ̀ wà nínú ẹbí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun náà nígbà kan nítorí "ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ẹyin".

Mo kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà àwọn obìnrin.

Kí ni wọ́n ń wá lára ọmọ bíi Rónkẹ́?

Ohun tó sábà máa ń wà nídìí irú inú rírun yìí lára ọ̀dọ́mọbìnrin ni èyí tí wọ́n ń pè ní ẹndomẹtiríósíìsì. Òun ni ọmọge oní-fóònù ń bá wí. Ẹ rántí ibùsùn tí mo sọ pé ilé ọmọ ń tẹ́. Lára àwọn kan, ohun tó jọ ibùsùn yẹn máa ń hù sí ẹ̀yìn ilé ọmọ, sí ara àpò ẹyin, tàbí sí ara ìfun. Ó dà bí àgbàdo tó hù sí ẹnu ọ̀nà. Àgbàdo gidi ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ la gbìn ín sí. Tí oṣù bá dé, òun náà á wú, á sì lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú ikùn níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti rí ọ̀nà jáde, ibẹ̀ á sì gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Bí ó bá wà nítòsí ìfun, ìgbọ̀nsẹ̀ á dùn. Bí ó bá wà nítòsí àpò ìtọ̀, títọ̀ á dùn.

Ọ̀rọ̀ ìyàgàn ńkọ́? Ó lè mú kí oyún ṣòro fún àwọn kan, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i sì ń bímọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Kí ni wọn yóò ṣe fún un ní ọsibítù?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ìyá dúró sílé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọn yóò ki nǹkan bọ ojú ara ọmọ wọn, pé wọn yóò já ìbálé rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì mọ ọkùnrin, kò pọn dandan. Ní Iléṣà níbí, Wẹ́sílì Gíìdì ni wọ́n lọ. Ẹ̀ka kan ni lára ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tiwọn náà nílùú wọn.

Bí Rónkẹ́ ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí. Dókítà ka ìwé rẹ̀ tán ná. Ó ní kí ìyá jáde díẹ̀, ó wá bi Rónkẹ́ nìkan bóyá ó ní ọ̀rẹ́kùnrin, bóyá ẹnì kan fipá bá a lò rí. Kí àwọn ìyá má bínú sí ìbéèrè yìí, ó yẹ kí wọ́n bi í. Ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Wọ́n gba ìtọ̀ láti fi wo oyún, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n ní kó mu omi títí ìtọ̀ fi gbọ̀n ọ́n, wọ́n fi ohun tútù kan pa á nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ síkáànù yí i láti òkè ikùn. Kò sí ohun tó wọ inú ara rẹ̀.

Síkáànù mọ́. Inú ìyá dùn, ó ní, "Ó dáa, kò sí nǹkan." Dókítà ní kó má tíì dúpẹ́. Síkáànù lè fi kókó tó tóbi hàn, ó lè fi ọ̀nà tó dí hàn, ó lè fi hàn bí kíndìnrín kan kò bá sí, èyí tó máa ń bá ìdíwọ́ ilé ọmọ rìn. Ẹndomẹtiríósíìsì tó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ìdọ̀tí ara ògiri, tó sì wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́, kì í hàn síbẹ̀.

Oògùn tí wọ́n kọ fún un dá ìjà sílẹ̀. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ ní ọ̀nà ọsibítù: "Ṣé kí wọ́n máa rò pé ọmọ mi ń sùn kiri ni?" Ó wá bá mi. Mo ní, orúkọ rẹ̀ kọ́ ni kó wò. Ohun tó ń ṣe fún Rónkẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí ẹyin jáde, ibùsùn ilé ọmọ á sì fẹ́lẹ́. Bí ibùsùn bá fẹ́lẹ́, kẹ́míkà tó ń fún ilé ọmọ á dínkù, èyí tó hù síta náà kì í rí agbára. Tó bá dá a dúró, ẹyin á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Dókítà ti kọ́kọ́ bi í bóyá ojú rẹ̀ máa ń ṣú kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ẹbí wọn, nítorí àwọn tó ní irú rẹ̀ kì í lo oríṣi kan nínú wọn.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí kò bá ràn án lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kékeré: wọ́n á fi oògùn oorun mú ọmọ sùn, wọ́n á la ojú ihò kékeré sí ìdodo, wọ́n á fi kámẹ́rà tín-ínrín wo inú ikùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n lè rí i kedere.

Ọmọ tí inú ń run lóṣooṣù, tí kò sì rí ẹ̀jẹ̀ rí

Èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe inú rírun ọmọ tí kò tíì rí nǹkan oṣù ní inú rírun nǹkan oṣù. Ọmọ ti yọ ọmú, ó ti ga, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, inú ń run ún ní oṣooṣù fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń fún un ní oògùn aràn. Awọ tín-ínrín kan lè dí ẹnu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀jẹ̀ ń wá lóṣooṣù, ẹ̀yìn awọ náà ló ń gbá jọ sí, bí omi tó kún kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ kò ṣí. Ikùn ìsàlẹ̀ á le, nígbà mìíràn ìtọ̀ kò ní lè jáde mọ́. Bí dókítà bá wo ojú ara láìfọwọ́ kan inú, ó máa ń rí awọ tó yọ gọ̀ǹgọ̀, tó sì ní àwọ̀ àyìnrín. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń tú u. Bí ọmọ bá tilẹ̀ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò rí nǹkan oṣù, kódà bí inú kò run ún, ẹ mú un lọ.

Èyí tí a kì í dúró de ilẹ̀ mọ́ fún

Ìrora tó já lu ọmọ lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan tó sì ń bì: àpò ẹyin lè ti lọ́ pọ̀. Ara gbígbóná pẹ̀lú inú rírun, tàbí ìrora tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdodo tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún. Ọmọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti yẹ̀, tí ikùn ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan sí méjì, léraléra. Ẹ má wá bá èmi. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lóru ọjọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ọjọ́ méje ní oṣooṣù kò nílò sáré, ṣùgbọ́n kí dókítà mọ̀.

Rónkẹ́ ti lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta báyìí. Inú rírun tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ọjọ́ méjì, ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì dùn ún mọ́. Ìyá rẹ̀ ní ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, pé ó ti san. Dókítà ní rárá. Ìsàn yìí kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹndomẹtiríósíìsì níbẹ̀, oògùn náà ń tẹ̀ ẹ́ rì ni. Ìwé àkọ́kọ́ ti kún. Ní àná, Rónkẹ́ yà sọ́dọ̀ mi lójú ọ̀nà ilé ìwé, ó ra òmíràn, olójú-ewé ọgọ́rin.